Àká Ọ̀tọ̀, Àkókò Ọ̀tọ̀: Bí Géèmù Ṣe Lè Dùn ún Wò Láì Máa Há Lórí Káàdì Alábọ́dé

Mọ́tò ń sáré nínú òjò ní Night City, ìlú inú géèmù Cyberpunk 2077 tí ilé-iṣẹ́ CD Projekt Red ti ilẹ̀ Póláńdì gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Iná pupa àti iná búlúù ara ilé ìtajà ń tàn nínú omi tó dúró sójú títì. Ní igun òkè mọ́nítọ̀, nọ́ńbà kékeré kan ń sọ pé férémù 60 ni káàdì ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí mọ́tò bá ṣe yà sí kọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo nǹkan á há gbagi fún bí ìpajú kan, á sì tún máa lọ. Ẹni tó ń gbá géèmù náà á gbójú sókè wo nọ́ńbà: 60 náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tí káàdì yà, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá títí ojú wa fi rí wọn bí ohun tó ń rìn. Mílísẹ́kọ́ǹdì 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fẹ́ férémù 60 ní láti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7. Ká wá ní káàdì ya 59 nínú wọn ní mílísẹ́kọ́ǹdì 15 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 885. Ó wá lo 115 tó ṣẹ́kù lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000 géérégé, férémù náà sì pé 60. Ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe àròpọ̀. Férémù kan ṣoṣo yẹn, tó pẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méje ó lé, ni ojú rí.

Káàdì tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni RTX 4060 tí NVIDIA gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Dọ́là 299 ni wọ́n dá lé e nígbà náà, mẹ́mọ́rì inú rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 8. Kì í ṣe káàdì tálákà, kì í sì í ṣe ti olówó. Ó lè gbé Cyberpunk 2077 dáadáa lórí mọ́nítọ̀ tó ní píksẹ́lì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní gíga, bí ẹni tó ni ín bá mọ bí a ṣe ń pín agbára rẹ̀. Ibi ìpínlẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rò pé gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́nù ń jẹ nínú àpò kan náà, wọ́n á wá rẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pa pọ̀ tàbí kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sókè pa pọ̀. Àpò méjì ni káàdì ní. Ọ̀kan ni àká, ìyẹn àyè inú mẹ́mọ́rì. Ìkejì ni àkókò, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdì tó ní fún férémù kan. Àká ni àwòrán ìbora ń kún. Àkókò ni òjìji ń jẹ ní tirẹ̀. Ìtànṣán ló ń jẹ nínú méjèèjì.

Àwòrán ìbora: ohun tó ń kún àká

Gbogbo ohun inú géèmù, látorí ògiri dórí awọ ojú èèyàn, igi àti egungun ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, bí ìgà àga tí wọn kò tíì fi aṣọ bò. Àwòrán ni wọ́n fi ń bò ó: àwòrán bíríkì fún ògiri, àwòrán ọ̀dà fún títì, àwòrán ihò ara fún ojú. Èyí ni mo pè ní àwòrán ìbora. Nínú mẹ́nù, Texture Quality ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe ń gba àyè. Àwòrán ìbora kan tó ní píksẹ́lì 4,096 ní ìbú àti 4,096 ní gíga, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un pọ̀ dé ìwọ̀n báìtì kan fún píksẹ́lì kan, á gba mẹ́gábáìtì 16. Géèmù tún máa ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà kéékèèké rẹ̀ pẹ̀lú, ìdajì, ìdajì ìdajì, títí ó fi kéré dé píksẹ́lì kan, tí gbogbo wọn á fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e. Gbogbo rẹ̀ á di bíi mẹ́gábáìtì 21. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìpele kan, sí 2,048, á di mẹ́gábáìtì márùn-ún ó lé díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo sì lè ní àwòrán ìbora mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọ̀kan fún àwọ̀, ọ̀kan fún bí ó ṣe rí gbágungbàgun, ọ̀kan fún bí ó ṣe ń dán.

Ní ti àkókò ńkọ́? Díẹ̀ báyìí ló ń jẹ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dà kéékèèké yẹn ló fà á. Bí ògiri kan bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀dà kékeré ni káàdì máa lò fún un. Ẹ̀dà ńlá kò ní ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ bá súnmọ́ ògiri náà. Nítorí náà, ẹni tó bá rẹ àwòrán ìbora sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kí férémù pọ̀ sí i kò ní rí èrè kankan, ó kàn ba ojú géèmù jẹ́ lásán ni, àyàfi tí àká rẹ̀ bá ti kún tẹ́lẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí àká bá kún? Géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn odi káàdì. Mẹ́mọ́rì inú RTX 4060 lè gbé gígábáìtì 272 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà tó so káàdì náà mọ́ ìyókù kọ̀ǹpútà kò lè gbé ju bíi gígábáìtì 16 lọ. Lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó ń lo PCIe 3.0, ìdajì ìyẹn, 8, ló máa gbé, nítorí pé ojú ọ̀nà mẹ́jọ péré ni wọ́n ṣe fún káàdì yìí. Férémù tó bá nílò ohun tó wà lẹ́yìn odi á dúró dè é. Ìyẹn ni mílísẹ́kọ́ǹdì 115 tí a rí lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ta kókó ni pé àká kì í kún lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè gbá géèmù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí gbogbo rẹ̀ máa yọ̀ bí ọ̀rá, kó wá di pé lẹ́yìn wákàtí kan, tí ẹ ti gba àdúgbò mẹ́rin kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àmì kejì ni pé ògiri tàbí pátákó tí ẹ dúró tì á wà ní wúruwùru fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó mọ́ kedere.

Òjìji: wíwo ayé láti ojú oòrùn

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ géèmù ṣì ń gbà ṣe òjìji títí di òní, Lance Williams ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1978. Káàdì á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé òun ni oòrùn, á wo ìlú látòkè, á sì ya àwòrán bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ojú rẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni á padà sójú ẹni tó ń gbá géèmù. Ibi tí oòrùn kò bá rí, òjìji ló wà níbẹ̀.

Ìtumọ̀ èyí ni pé káàdì ń ya ìrísí ìlú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún férémù kan. Ti oòrùn nìkan kì í ṣe àwòrán kan. Wọ́n pín in sí ìpele ìpele: ọ̀kan tó ṣe kedere fún ìtòsí, òmíràn tó fẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣe kedere fún ọ̀nà jíjìn. Iná òpópónà àti iná inú ilé tún ní tiwọn. Ìdí nìyí tí òjìji fi ń jẹ àkókò, tó sì ń jẹ ẹ́ jù níbi tí nǹkan bá pọ̀ sí.

Àwòrán òjìji tó jẹ́ 2,048 ní ìbú àti ní gíga, pẹ̀lú báìtì mẹ́rin fún píksẹ́lì, á gba mẹ́gábáìtì 16. Tó bá di 4,096, á di 64. Bí kò bá kedere tó, ẹ ó rí etí òjìji tó rí bí àkàsọ̀, tàbí kí òjìji ewé máa rá pálá lórí ilẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ fẹ́.

Nínú Cyberpunk 2077, Cascaded Shadows Resolution ló ń sọ bí àwòrán òjìji oòrùn yóò ti kedere tó, Cascaded Shadows Range sì ń sọ bí yóò ti nà jìnnà tó. Àwọn méjèèjì ń bára wọn jà. Bí ẹ bá na òjìji jìnnà tí ẹ kò sì fi kún bí ó ti kedere tó, ńṣe ni ẹ fa aṣọ kékeré bo ibùsùn ńlá: ibi gbogbo á fẹ́lẹ́. Ohun tó bọ́gbọ́n mu lórí káàdì alábọ́dé ni kí Resolution wà ní High tàbí Medium, kí Range wà ní Medium, kí Distant Shadows Resolution sì wà ní ìpele ìsàlẹ̀. Ta ló ń wo etí òjìji ilé tó wà ní ìkángun ìlú nígbà tí wọ́n ń yìnbọn lù ú? Local Shadow Quality, tó jẹ́ ti iná òpópónà àti iná yàrá, yẹ kó wà ní Medium, nítorí pé alẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó dára ní Night City.

Ìtànṣán: àlejò tó ń jẹ láti inú ìkòkò méjì

Àwòrán òjìji jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ìtànṣán kì í dọ́gbọ́n, ó ń lọ wò ó ni. Láti píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, káàdì á rán ìtànṣán kan jáde lọ sínú ìlú láti wádìí ohun tó máa kàn: ṣé ó dé ọ̀dọ̀ oòrùn tàbí ohun kan dínà fún un? Ṣé omi ilẹ̀ yìí ń fi pátákó ìpolówó hàn ni àbí ó ń fi sánmà hàn? Turner Whitted ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní ọdún 1980, ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni NVIDIA tó gbé àwọn káàdì RTX àkọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ní ẹ̀yà ara tí wọ́n dìídì ṣe fún un.

Ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ìṣirò. Píksẹ́lì 2,073,600 ló wà lórí mọ́nítọ̀ 1,920 sí 1,080. Tí ìtànṣán kan bá ti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, fún férémù 60, ìtànṣán tó lé ní mílíọ̀nù 124 ni káàdì gbọ́dọ̀ rán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ní kí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan máa yẹ gbogbo ohun tó wà ní ìlú wò, kò ní parí láéláé. Nítorí náà, géèmù ń kó ìlú sínú àpótí: àpótí ńlá fún àdúgbò, èyí tó kéré sí i fún ilé, òmíràn fún ilẹ̀kùn. Ìtànṣán tí kò bá kan àpótí ńlá kò ní wulẹ̀ yẹ inú rẹ̀ wò. Àwọn àpótí wọ̀nyí nílò àyè nínú àká. Èèyàn àti mọ́tò tó ń rìn sì ń yí wọn padà ní férémù kọ̀ọ̀kan, èyí tó tún jẹ́ iṣẹ́ fún prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ìtànṣán kan fún píksẹ́lì kan kéré jọjọ. Àwòrán tó máa jáde á kún fún tó-tò-tó bí ẹni da iyọ̀ sí i. Géèmù á wá fọ àwòrán náà mọ́, á máa fi ohun tó rí nínú àwọn férémù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá dí àlàfo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán inú omi fi máa ń fa ìrù díẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí ojú kíákíá.

Nínú mẹ́nù, ohun mẹ́rin ni ìtànṣán pín sí: Ray-Traced Reflections fún àwòrán tó ń hàn nínú omi àti dígí, Ray-Traced Sun Shadows fún òjìji oòrùn, Ray-Traced Local Shadows fún òjìji iná, àti Ray-Traced Lighting fún bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn káàkiri. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n fi Path Tracing kún un, èyí tó ń fi ìtànṣán ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn káàdì ńlá.

Èwo wá ni ká mú? Ẹ bi ara yín pé kí ni ọgbọ́n àtijọ́ kò lè ṣe. Òjìji oòrùn ti àtijọ́ ń ṣe dáadáa. Ohun tí ìtànṣán fi kún un ni ohun tí gbogbo wa ń rí lábẹ́ òpó iná ní ìrọ̀lẹ́: òjìji rẹ̀ mú ní ìdí òpó, ó sì ń rọ̀ bó ṣe ń jìnnà. Ó dára, àmọ́ kò ní dunni púpọ̀ tí kò bá sí. Àwòrán inú omi ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọgbọ́n àtijọ́, tí mẹ́nù pè ní Screen Space Reflections, kò lè fi ohun tí kò sí lójú mọ́nítọ̀ hàn. Ẹ dúró síwájú omi, kí ẹ rọra tẹ orí ba: bí pátákó ìpolówó bá ṣe ń jáde kúrò lókè mọ́nítọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ á máa parẹ́ nínú omi. Nínú ìlú tó kún fún òjò, dígí àti iná, àṣìṣe yìí máa hàn ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, ní ti géèmù yìí, Reflections ni kó kọ́kọ́ wọlé. Nínú géèmù tó jẹ́ igbó àti ọ̀sán gangan, ìdáhùn lè yàtọ̀.

Bí a ṣe ń mọ ibi tó ń dun káàdì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi MSI Afterburner àti RivaTuner Statistics Server sórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ní kí wọ́n máa fi nǹkan mẹ́rin hàn: iye férémù, ìlà tó ń fi àkókò férémù kọ̀ọ̀kan hàn, bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó nínú ọgọ́rùn-ún, àti iye mẹ́mọ́rì tó ti kún. Ìlà yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá tẹ́jú bí odò tí kò rú, ara géèmù yá. Bí ó bá ń gún sókè bí ẹ̀gún, ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan ni híhá kan.

Mẹ́ta ni àìsàn tó wà níbẹ̀. Tí férémù bá kéré tí káàdì sì ń ṣiṣẹ́ ní 97 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, àkókò ló tán: ẹ rẹ òjìji tàbí ìtànṣán sílẹ̀. Tí férémù bá kéré tí káàdì sì ń ṣiṣẹ́ ní bíi 70, káàdì ń sinmi ni, prósẹ́sọ̀ ló ń fà sẹ́yìn. Ẹ dín Crowd Density kù kí èèyàn ojú pópó lè dín, tàbí kí ẹ pa ìtànṣán kan. Rírẹ àwòrán ìbora sílẹ̀ kò lè wo àìsàn yìí. Tí férémù bá pọ̀ dáadáa tí ẹ̀gún sì ń yọ, tí mẹ́mọ́rì sì ti súnmọ́ 8, àká ló kún. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc láti ṣí Task Manager, kí ẹ wo abẹ́ GPU. Bí Dedicated GPU memory bá ti kún, tí Shared GPU memory sì ń gòkè bí ẹ ṣe ń gbá a, ẹrù ti ń lọ sẹ́yìn odi nìyẹn. Kí ẹ tó rẹ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ ti ojú ewé ìkànnì tó wà ní ṣíṣí lẹ́yìn géèmù. Àká kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká pín in

Àwọn iye tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ìṣirò àpẹẹrẹ ni. Ti kọ̀ǹpútà tiyín á yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Ẹ máa fi 1,000 pín fún iye férémù kí ẹ lè rí mílísẹ́kọ́ǹdì, nítorí férémù kò ṣeé fi wéra. Láti 100 sí 80, férémù 20 ló lọ, mílísẹ́kọ́ǹdì 2.5 péré ni. Láti 60 sí 40, 20 náà ló lọ, ṣùgbọ́n mílísẹ́kọ́ǹdì 8.3 ni.

Ìlépa wa ni férémù 60, ìyẹn 16.7. Ẹ wá ibi tó le láti fi dán an wò. Run Benchmark tó wà nínú géèmù náà dára fún ìfiwéra, ṣùgbọ́n ọjà Japantown ní alẹ́, níbi tí èrò ti ń fara gbá ara wọn, ló ń sọ òótọ́. Ẹ máa gba ọ̀nà kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, ní gbogbo ìgbà.

Ká ní láìsí ìtànṣán rárá, pẹ̀lú òjìji ní High àti àwòrán ìbora ní Medium, a rí férémù 80, tó jẹ́ 12.5. A gbé Texture Quality sí High. Inú mẹ́nù àkọ́kọ́, kí ẹ tó ṣí eré tí ẹ fi pamọ́, ni ẹ ti lè yí i padà. Bí ẹ bá wà nínú eré, kò ní hàn. Férémù di 79, 12.7. Àkókò tó jẹ kò tó nǹkan, a fi í sílẹ̀. A rẹ òjìji sí ìwọ̀n tí mo sọ lókè: 87, 11.5. A jèrè 1.2, ojú kò sì fẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

A tan Ray-Traced Reflections: 58, 17.2. Ó jẹ 5.7, ó sì fi díẹ̀ kọjá ààlà wa. Ibi yìí ni DLSS ti wúlò. Ní ìpele Quality, píksẹ́lì 1,280 sí 720 ni káàdì á yà, á wá fẹ̀ ẹ́ sí 1,920 sí 1,080. Iye píksẹ́lì 720 yẹn kò tó ìdajì, ìtànṣán tí káàdì ń rán sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ká ní ó gbé wa padà sí 13. A tan Ray-Traced Sun Shadows, ó jẹ 2.5: 15.5, férémù 64. Mílísẹ́kọ́ǹdì kan ó lé díẹ̀ ló ṣẹ́kù, ti ìgbà tí ìbọn bá ń dún nìyẹn. A tún gbìyànjú Ray-Traced Lighting, ó jẹ 6: 21.5, férémù 46. Kò wọlé, a pa á. Ẹ má ṣe sá lọ bá DLSS Performance lórí mọ́nítọ̀ yìí nítorí kí ó lè wọlé. Píksẹ́lì 960 sí 540 nìyẹn, àwòrán inú omi tí a tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á di wúruwùru.

Nígbà tí ìtànṣán bá ti wà níbẹ̀, ẹ padà lọ wo àká. Àpótí ìtànṣán ti bá àwòrán ìbora pín in. Ẹ gbá géèmù fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ gba àdúgbò púpọ̀ kọjá. Bí ẹ̀gún bá ń yọ, ẹ rẹ Texture Quality sí Medium. Ẹni tó ra RTX 3060 ti ọdún 2021, èyí tó ní gígábáìtì 12, kò ní ìṣòro yìí púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì rẹ̀ kò yára tó ti 4060. Ìyẹn ń ru ú ní àká, èyí ń ru ú ní àkókò. Frame Generation kì í sì í ṣe oògùn àká. Ó ń fi férémù kún ohun tí ojú rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ń gbé nínú mẹ́mọ́rì, kì í sì í jẹ́ kí géèmù tètè gbọ́ ọwọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni kí ẹ fi ààlà sí férémù. Bí káàdì bá lè ṣe 75 nínú yàrá tí kò sì lè ju 61 lọ lọ́jà, ẹ dè é mọ́ 60, kí gbogbo férémù lè máa wọlé ní àkókò kan náà. Lórí mọ́nítọ̀ tó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ lè dè é mọ́ 40: mílísẹ́kọ́ǹdì 25, férémù kọ̀ọ̀kan á dúró fún ìgbà mẹ́ta géérégé. Ray-Traced Lighting tí kò wọlé lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú 21.5 rẹ̀, á wọlé níbẹ̀.

Ìdájọ́ mi rèé fún káàdì onígígábáìtì 8 lórí mọ́nítọ̀ 1,080: àwòrán ìbora ní High títí àká yóò fi sọ pé ó tó, òjìji ní àárín, Reflections ní títàn pẹ̀lú DLSS Quality, Lighting ní pípa. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa wo ìlà, kì í ṣe nọ́ńbà. Ogójì tó dúró sójú kan sàn ju àádọ́rin tó ń kọsẹ̀ lọ.